Bàsíà Ìfọwọ́ fún Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Àlejò Tó Rí Tóóró

Oríṣi bàsíà ìfọwọ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé, ibi tí ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ló sì mú kí wọ́n yàtọ̀ síra. Bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ ní òpó tánńganran kan lábẹ́ tó tẹ ilẹ̀. Bàsíà orí káńtà jókòó sórí pẹpẹ tí bíríkìlà tàbí káfíńtà ti ṣe sílẹ̀ dè é. Bàsíà ara ògiri kò kan ilẹ̀ rárá. Bóòtù méjì tó wọnú ògiri ló gbé e dúró. Ẹni tó bá ń wo ẹwà nìkan lè mú èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yàrá bá tóóró, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde ni irú ògiri tó wà níbẹ̀, ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde, àti àyè tí yóò ṣẹ́ kù fún ènìyàn láti dúró kó sì yí ara padà.

Ní Awo, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, ìbéèrè nípa ògiri yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Irú ilé méjì ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó láti ìta lè rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Èkejì ni ilé búlọ́ọ̀kù, tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n sábà máa ń lò fún un: oníínṣì 9 fún ògiri ìta, oníínṣì 6 fún èyí tó pín yàrá sí méjì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò sì sábà máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ tàbí ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló yí i ká. Àyè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pín yàrá ìbùsùn àti ilé ìdáná tán ni wọ́n ń fún un. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń há.

Wíwọn àyè ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé pílánù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo yàrá gan-an. Àpẹẹrẹ kan lè là á yéni. Yàrá kan wà lórí pílánù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 180, láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri àti táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yóò jẹ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ tó kù nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni 94, gígùn sì di 174. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ yàrá, ó kẹ̀yìn sí ògiri kúkúrú, ilẹ̀kùn sì wà lójúkojú rẹ̀. Ìjókòó náà pẹ̀lú táńkì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí iwájú ní nǹkan bíi 70. Gígùn tó ṣẹ́ kù láti iwájú ìjókòó dé ẹnu ilẹ̀kùn jẹ́ 104.

Nínú 104 yìí, ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ rí àyè gbé ẹsẹ̀ àti orúnkún sí. Òfin iṣẹ́ omi tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé sọ pé àyè tí nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ dí níwájú ìjókòó kò gbọdọ̀ dín sí íǹṣì 21, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 53. Láti àárín ìjókòó sí ògiri ẹ̀gbẹ́ kò sì gbọdọ̀ dín sí íǹṣì 15, ìyẹn 38. Yàrá oní-94 yìí kọjá èyí kejì, nítorí àárín rẹ̀ jẹ́ 47 sí ògiri méjèèjì. Tí wọ́n bá yọ 53 kúrò nínú 104, ohun tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn jẹ́ 51. Inú 51 yẹn ni bàsíà gbọ́dọ̀ bọ́ sí, lára ògiri gígùn.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàsíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń hàn. Bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó 55, ó sì yọ sí iwájú tó 45. Fífẹ̀ rẹ̀ ti ju 51 lọ, nítorí náà orúnkún ẹni tó jókòó yóò máa kan án. Èyí tó burú jù ni pé tí ó bá yọ jáde ní 45 nínú yàrá oní-94, ọ̀nà tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 49. Èjìká àgbàlagbà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí a tó wá sọ ti àlejò tó wọ agbádá wá sí ìsọmọlórúkọ. Ẹni náà yóò ní láti fi ẹ̀gbẹ́ kọjá, aṣọ rẹ̀ yóò sì fi ara gbo etí bàsíà tó tutù. Káńtà tí ó bá jìn tó 45 sí 50 ń dá irú ìnira kan náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàsíà ara ògiri kékeré wà tí wọ́n ṣe fún irú ibi báyìí, fífẹ̀ rẹ̀ ń lọ láti 36 sí 45, kì í sì í yọ jáde ju 25 sí 30 lọ. Èyí tó fẹ̀ ní 40 tó sì yọ ní 28 yóò bọ́ sínú 51 náà dáadáa, ọ̀nà tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 66. Ènìyàn lè kọjá níbẹ̀, ó sì lè dúró tẹ̀ ba láti fọ ọwọ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí bàsíà tó lè tún un ṣe. Ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ tó 75 tó sì ń ṣí sínú yóò gbá gbogbo àyè iwájú yẹn tán. Nínú yàrá tó tóóró, ìta ni ó yẹ kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí. Ànfààní mìíràn tó wà nínú èyí ni pé tí àgbàlagbà kan bá ṣubú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ara rẹ̀ kò ní dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Tí ó bá jẹ́ pé àyè nìkan ni à ń rò, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀, bàsíà ara ògiri ì bá sì ti borí. Ṣùgbọ́n bàsíà yìí ló béèrè ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ògiri. Bàsíà kékeré fúnra rẹ̀ kò wúwo púpọ̀. Ohun tó ń já a ni ènìyàn tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti gbé ara dìde, tàbí ọmọ tó rọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Nítorí èyí ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí bàsíà ìfọwọ́, EN 14688, ṣe ń béèrè pé kí bàsíà ara ògiri lè gbé nǹkan bíi kílò 150 láìfọ́. Ìyẹn ni ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Bàsíà tó dára yóò gbé e. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni kò ní gbé e, nítorí pé awọ rẹ̀ kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, ẹ̀yìn awọ náà sì ṣófo. Bóòtù tí wọ́n lù mọ́ awọ yẹn kò rí nǹkan dì mú. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni búlọ́ọ̀kù ń rún wẹ́wẹ́ yí i ká, títí ihò yóò fi gbòòrò tí bóòtù yóò sì bọ́ síta.

Fún ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àtúnṣe rẹ̀ kò náni lówó púpọ̀, àfi kí onílé ti mọ̀ kí bíríkìlà tó kọjá ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀. Pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó so wọ́n pọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 25. Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 50, ó parí sí 75, ìlà kẹrin sì parí sí 100. Etí bàsíà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 80 sí 85 sókè ilẹ̀ tí wọ́n ti lẹ táìsì sí, bóòtù rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí etí yẹn. Tí a bá ro ti kọnkéré àti táìsì tí yóò gbé ilẹ̀ sókè mọ́ ọn, bóòtù yóò bọ́ sí ibi tí ìlà kẹta àti ìkẹrin ti pàdé tàbí òkè ibẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ní ibi tí bàsíà yóò wà, bíríkìlà yóò fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù ìlà méjèèjì yẹn pinpin, yóò sì fi igi gún un kí ó má baà ní àlàfo nínú. Búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan ti tó. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ó yẹ kí onílé ya àwòrán ibẹ̀ tàbí kí ó wọn ibẹ̀ láti igun yàrá, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí táìsì bá ti bo ògiri, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà.

Tí ilé bá ti parí tí ihò búlọ́ọ̀kù sì ṣófo, ọ̀nà tó ṣe é fọkàn tán jù ni kí irin tó ní ẹnu ìdè gba inú ògiri kọjá sí òdìkejì, kí wọ́n fi pátákó irin pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀yìn ibẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Wọn yóò kọ́kọ́ gbẹ́ sìmẹ́ǹtì òdìkejì díẹ̀ kí irin náà lè wọlé, wọn yóò sì tún un rẹ́ padà. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni pé òdìkejì ògiri yẹn lè jẹ́ pálọ̀ tí wọ́n ti kùn tán, onílé kò sì ní fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Kíkùn pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i sàn ju kí bàsíà já lé ẹsẹ̀ àlejò lọ. Tánńganran tó bá fọ́ mú bí abẹ, ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń jìn.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí bàsíà kì í mẹ́nu bà, tó sì ṣe pàtàkì ní agbègbè Ẹdẹ àti Awo, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀. Àlejò tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Tí kò bá rí ibòmíràn, yóò gbé ẹsẹ̀ lé inú bàsíà, yóò sì fi ara ti etí rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ìwúwo tó ń bọ́ sí etí iwájú bàsíà lákòókò yẹn pọ̀, ibi tó jìnnà jù sí ògiri ló sì bọ́ sí, nítorí náà agbára tó fi ń fa bóòtù pọ̀ ju ti ẹni tó kàn gbé ọwọ́ lé e. Bàsíà ara ògiri lè já, bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ lè yẹ̀ lórí òpó rẹ̀, ti orí káńtà sì lè ṣí kúrò lára ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Kíkọ ìkìlọ̀ sára ògiri kò ràn án. Ohun tó ràn án ni ẹ̀rọ omi kékeré kan tó rẹlẹ̀, tí gíga rẹ̀ tó ti orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tó dà díẹ̀ sí ihò omi. Àlejò yóò bu omi sí kẹ́tùrù níbẹ̀, yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, omi yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú yàrá oní-94 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àyè tó wà láàárín ìjókòó àti ògiri tó fún un. Ẹni tó bá ti ṣe èyí ti mú ewu tó tóbi jù kúrò lórí bàsíà rẹ̀, irú èyí tó wù kó yàn.

Ní ti ilé amọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Amọ̀ kò di bóòtù mú, sìmẹ́ǹtì tó bo ojú rẹ̀ kò sì nípọn tó láti gbé nǹkan kan kọ́. Ọ̀nà tí onílé lè gbà mọ̀ ni kí ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gún ibi tí kò hàn: bí ìṣó bá kọjá sìmẹ́ǹtì tó sì ń wọlé wẹ́rẹ́, tí erùpẹ̀ pupa ń tẹ̀ lé e jáde, amọ̀ ni. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bàsíà ara ògiri kò yẹ rárá. Káńtà ló yẹ ibẹ̀ jù, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, bí kò ṣe èyí tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bíríkìlà yóò to búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti orí kọnkéré ilẹ̀, yóò da kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6 pẹ̀lú irin róòdù nínú lé wọn lórí, yóò sì fi táìsì tàbí gíránáìtì bò ó. Gbogbo ìwúwo yóò gba ẹsẹ̀ káńtà lọ sílẹ̀, ògiri amọ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan dé.

Káńtà inú yàrá tóóró kò gbọdọ̀ jìn bí ti ilé ìdáná. Èyí tó jìn ní 30 sí 32 tó láti gbé bàsíà kékeré, bàsíà náà lè yọ jáde díẹ̀ ní iwájú, ọ̀nà yóò sì kù bíi 62. Gíga rẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Bíríkìlà tó ti mọ gíga káńtà ilé ìdáná, ìyẹn 90, yóò da ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sí 90. Bàsíà tó jókòó lórí rẹ̀ sì ga tó 13 sí 15 fúnra rẹ̀, nítorí náà etí rẹ̀ yóò di 103 sí 105. Ọmọdé kò lè dé ibẹ̀, ìyá àgbà yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, omi yóò sì máa ṣàn padà sínú apá aṣọ rẹ̀. Gíga káńtà gbọ́dọ̀ jẹ́ 68 sí 70, kí etí bàsíà lè wà ní nǹkan bíi 83. Nítorí èyí, a kì í da káńtà kí a tó ra bàsíà. Bàsíà ni wọ́n yóò kọ́kọ́ rà, wọn yóò wọn gíga rẹ̀, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú 83.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣe tán pẹ̀lú bàsíà lórí rẹ̀ wà lọ́jà pẹ̀lú, ó sì fani mọ́ra. Igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dì pọ̀ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń fi omi fọ ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ wọ́n. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò mu omi, yóò wú, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní padé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ káńtà ní irú ibi yẹn, ti kọnkéré ni kó ṣe.

Bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní wàhálà, nítorí wọ́n gbà pé òpó rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òpó náà ń gba díẹ̀ nínú ìwúwo, ó sì ń bo páìpù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn bàsíà gbọ́dọ̀ ní bóòtù tàbí sùkúrù tó so ó mọ́ ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa mì. Ìyẹn ni pé òun náà kò bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó béèrè kéré. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ihò omi, òpó bàsíà sì fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nígbà tí kò bá tẹ́jú, púlọ́ńbà máa ń po sìmẹ́ǹtì funfun, á fi kún abẹ́ òpó náà, á sì tún fi dí ibi tí òpó àti bàsíà ti pàdé. Ó lẹ́wà lójú lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí tíráàpù inú rẹ̀ bá dí ni wọn yóò rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ òpó láìfọ́ ọ. Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ki bọ abẹ́ rẹ̀ àti sílíkóònù tí wọ́n fi dí etí rẹ̀ sàn jù, nítorí abẹ lè gé sílíkóònù kúrò.

Bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ tún ní òfin kan nípa páìpù. Omi ìdọ̀tí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ tàbí ògiri jáde ní ẹ̀yìn òpó, ní ibi tí òpó lè bò. Tí páìpù bá ti jáde nílẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí ògiri jù, òpó yóò jókòó lé e lórí, tàbí kí wọ́n fa bàsíà síwájú kúrò lára ògiri kí ó lè rí àyè. Nígbà náà ni àlàfo yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn sílẹ̀. Níbi tí ìbú yàrá bá tó 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn táìsì, tí ilẹ̀ tẹ́jú lábẹ́ ibẹ̀, tí páìpù sì wà ní àyè rẹ̀, bàsíà ẹlẹ́sẹ̀ dára gan-an, ó sì rọrùn láti rí rà ní Ẹdẹ àti Òṣogbo. Nínú yàrá oní-94, kò yẹ.

Irú kan tún wà tí òpó rẹ̀ kò dé ilẹ̀, tó dúró ní agbede méjì. Ìdajì òpó yẹn kò gbé nǹkan kan. Aṣọ tí wọ́n fi bo páìpù ni, bàsíà ara ògiri sì ni bàsíà náà. Gbogbo ohun tí a sọ nípa bóòtù àti búlọ́ọ̀kù oníhò ló kàn án.

Ẹ̀rọ omi tó wà lórí bàsíà náà gbọ́dọ̀ bá agbára omi ilé mu. Ilé tó ń lo omi kànga tàbí bóhòòlù máa ń fa á sínú táńkì orí irin, omi náà á sì máa fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi táńkì fi ga ju ẹ̀rọ lọ ń fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí wọ́n ń pè ní báà. Táńkì tó fi mítà 3 ga ju bàsíà lọ kò lè fún un ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá báà kan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà mọ́ bàsíà orí káńtà ni wọ́n ṣe fún agbára tó ju ìyẹn lọ, nítorí náà omi wọn yóò máa ro tótó. Iyanrìn inú omi kànga sì tètè ń dí ọ̀nà kékeré inú wọn. Ẹ̀rọ tí a ń yí lórí, tó ní wọ́ṣà rọ́bà nínú, ló bá irú omi yìí mu jù, púlọ́ńbà èyíkéyìí sì lè pààrọ̀ wọ́ṣà rẹ̀. Lábẹ́ bàsíà, kí fáàfù kékeré wà tí wọ́n lè fi dá omi ibẹ̀ nìkan dúró, kí wọ́n má baà ti omi gbogbo ilé nítorí wọ́ṣà kan.

Ohun tó kàn ni tíráàpù, ìyẹn páìpù tó yí kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ bàsíà tí omi díẹ̀ máa ń dúró sínú rẹ̀. Omi yẹn ló ń dí òórùn ṣòkòwéè lọ́wọ́ láti má wọlé. Fún bàsíà tí páìpù rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 32, ìjìnlẹ̀ omi tó yẹ kó dúró níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 75. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò yàtọ̀ sí ti onílé ní ti pé ó lè pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi inú tíráàpù á máa fà díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà yóò fi ṣí sílẹ̀ fún òórùn. Onílé á wá máa fọ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra, òórùn náà kò sì ní lọ, nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń wá. Bí wọ́n bá da ife omi méjì sínú bàsíà àti ihò ilẹ̀ tí òórùn náà sì dáwọ́ dúró láàárín wákàtí díẹ̀, tíráàpù tó gbẹ ló fà á. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí púlọ́ńbà má fi tíráàpù sí i rárá. Lábẹ́ bàsíà ara ògiri àti ti orí káńtà, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ kí ó sì fojú rí i. Ti ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́yìn òpó, ìdí mìíràn nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ǹtì dè é.

Fún yàrá inú àpẹẹrẹ wa, ìpinnu náà wá ṣe kedere. Bí ògiri rẹ̀ bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n lè fi kọnkéré dí tàbí tí irin lè gbà kọjá, bàsíà ara ògiri tó fẹ̀ ní 40 tó sì yọ ní 28 ni. Bí ó bá jẹ́ amọ̀, káńtà kọnkéré oní-30 pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni, bàsíà kékeré á sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e tán, kí wọ́n jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì àti sílíkóònù gbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Lẹ́yìn náà, wọn yóò dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò bu omi kún un dé ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọn yóò sì tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Pépà gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹ̀kán omi tó kéré jù hàn.

Láti ìgbà náà lọ, ibi tó yẹ kí onílé máa wò ni ìlà sílíkóònù tó wà láàárín bàsíà àti ògiri. Bí ó bá ń là, tí ó sì là jù lókè, bóòtù ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀kúnná búlọ́ọ̀kù bá ń já bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí oríkèé tíráàpù tí kò jò tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n má fi sílíkóònù tuntun bò ó. Kí wọ́n ti fáàfù abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé bàsíà náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n sì tún ibi tí bóòtù wọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé e padà.